Fídíò Tó Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ bá mi jà ní Ìlọrin, ẹ gbé fóònù yín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹ sọ pé mo ba fídíò yín jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú fóònù yín náà ló ṣe dùbúlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn nìkan ti tó. Mo lè gba ẹ̀bẹ̀, mo lè gba àwáwí, mo tilẹ̀ lè gba ẹni tó pẹ́ kó tó wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni n kì í gbà.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ fídíò, ní àárín àwọn ọdún 1990, kámẹ́rà kì í dùbúlẹ̀. Èjìká la máa ń gbé e lé. Ó wúwo bí ọmọ tó ti tó já lẹ́nu ọmú tó sì ń kọ̀ láti rìn, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ gbé e ní ẹ̀gbẹ́ àfi ẹni tó ti mu yó. Ohun tí kámẹ́rà bá rí ló ń wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, bó sì ṣe wọlé náà ló ń jáde. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa ní àdúgbò Post Office. Àwọn ará ilé wa lọ́hùn-ún ní ìhà Ọ̀mù-Àrán ń sọ fún èèyàn pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà. N kò já wọn ní irọ́. Mo ti pinnu pé ọjọ́ tí mo bá ra kámẹ́rà tèmi ni mo máa sọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe.

Ọdún gorí ọdún, kásẹ́ẹ̀tì kógbá sílé, fóònù dé. Gbogbo ayé wá di oní-fídíò. Àwọn èèyàn ń ya ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń ya òkú, wọ́n ń ya ewúrẹ́ tó bímọ, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi pé kí n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó á dúró dáadáa nínú fóònù, tó bá dé orí tẹlifíṣọ̀n á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo ti rí àlejò ìgbéyàwó tí wọ́n jókòó lórí àjà. Mo ti rí pásítọ̀ tó ń wàásù pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè.

Ó gbà mí ní àkókò kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín kó yé yín kíákíá. Ojú tí fóònù fi ń ya fídíò, ìbú ni wọ́n tò ó sí. Bí ẹ bá gbé fóònù nàró, ìbú náà lojú yẹn ṣì wà sí ara fóònù, nítorí náà àwòrán tó ń kó jọ, ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀, orí rẹ̀ wà lápá òsì. Fóònù mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní yí i padà, ọ̀lẹ ni. Ó kàn máa ń kọ àmì kékeré kan sínú fáìlì pé: ẹni tó bá fẹ́ fi èyí hàn aráyé, kó kọ́kọ́ gbé orí tó wà lósì bọ́ sókè. Ẹ̀rọ tó bá ka àmì náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá kà á á gbé àwòrán kalẹ̀ bó ṣe bá a, àwa tí à ń jẹun nídìí rẹ̀ la ó sì gba èébú.

Fóònù fúnra rẹ̀ sì lè ṣì í mọ̀. Ibi tí ilẹ̀ wà ló fi ń mọ bí ẹ ṣe gbé e dání, àtìgbà tí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ pé kó máa yà ló ti kọ àmì yẹn, kò ní tún un kọ mọ́. Tí ẹ bá wá da ojú rẹ̀ délẹ̀ láti ya nǹkan tó wà lórí ẹní, kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Á kàn méfò ni. Ìgbà tó bá méfò tó ṣì í, àní fóònù náà á máa fi àwòrán hàn ní ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ méfòméfò yìí ló gbé Tíṣà wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Tíṣà la máa ń pè é. Lárúbáwá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama, àdúgbò Adéwọlé ló sì ń gbé. A ti mọra tipẹ́, torí èmi ni mo gbé kámẹ́rà tẹ̀lé e kiri lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó nu ojú rẹ̀.

"Ìyá Fídíò, ẹ bá mi gbé bàbá mi dìde."

Mo wò ó. Mo wà níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá yìí. Mo jẹ ìrẹsì níbẹ̀.

"Tíṣà, ṣé kò sí o? Alfa tó ti ṣaláìsí?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí o. Inú fóònù ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí."

Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń ṣeré. Ó wá kó ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe wólímọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ìyàwó máa ń ka Kùránì níwájú àwọn èèyàn kí wọ́n tó sìn ín lọ sílé ọkọ, Alfa kò jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ wàláà fún un. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ni, òun lòun máa fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́. Ó gbé wàláà náà, pátákó ìkọ̀wé yẹn, lé orí awọ àgbò níwájú rẹ̀, torí pé orúnkún rẹ̀ kò gba kó gbé e lé itan mọ́. Ọmọ náà na fóònù sórí wàláà, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń yà á bí bàbá àgbà ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ náà ka wàláà lọ́jọ́ wólímọ̀, wọ́n fi omi fọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lára rẹ̀, ó sì mu omi náà bí a ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Alfa fi kú. Kò tún kọ wàláà mìíràn.

"Fídíò yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù," Tíṣà ní. "Ọmọ yẹn fi fóònù náà sílẹ̀ fún Ìyá nígbà tó ń lọ sílé ọkọ."

Ìyá ni ìyá Tíṣà fúnra rẹ̀, opó Alfa. Obìnrin náà kò mọ̀ ju kí wọ́n bá a tan fídíò yẹn lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni fídíò ń dùbúlẹ̀ sí. Tó bá yí fóònù kó lè rí i lóòró, fóònù á tún bá a yí àwòrán padà sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń lé àwòrán kiri ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń lé adìẹ. Nígbà tó sú u, ó kúkú gbé fóònù ti ara ògiri, òun náà sì ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ẹní láti wò ó. Ọrùn ti ń dùn ún. Èyí tó burú jù ni ojú. Dókítà ti sọ pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ní àwọ́n fẹ́ rí ọwọ́ Alfa dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá," Tíṣà ní, "kó tó di pé àwọn ò rí nǹkan kan mọ́."

Bí ẹ bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, mo ti di tiyín. Àánú ìyá náà ṣe mí. Mo na ọwọ́, mo ní kó gbé e wá.

Ohun tó kọ́kọ́ fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bínú. Ó ti gbé e lọ fún ẹnì kan tẹ́lẹ̀, ẹni náà sì ti gbé àwòrán nàró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ bọ́tìnì tó ń sọ àwòrán di ti inú dígí. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó yẹ kó ti ọ̀tún lọ sí òsì wá ń ti òsì lọ sí ọ̀tún. Alfa sì ti di ọlọ́wọ́ òsì.

"Ìyá Fídíò, bàbá mi kò fọwọ́ òsì mú gègé ìkọ̀wé rí láyé wọn!"

"Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò gbọ́ Lárúbáwá, èmi náà ò sì gbọ́. Fóònù gan-an dà?"

Mo bi í bẹ́ẹ̀ torí pé èyí tó fún mi, ó ti ti orí fóònù kan dé òmíràn, ó ti ṣú bí omi ìfọṣọ. Mo ní ojúlówó ni mo fẹ́, èyí tó wà nínú mẹ́mọ́rì kádì fóònù ọmọ yẹn fúnra rẹ̀. Ó bọ́ sóde, ó lọ mú un wá lọ́dọ̀ Ìyá. Fídíò inú rẹ̀ mọ́ rekete. Mo rí ọwọ́ arúgbó kan tí iṣan ti yọ lára rẹ̀, etí agbádá funfun, orúnkún kan, gègé, àti tàdáwà, yíǹkì wọn, tó dúdú tó sì ń dán lórí wàláà. Ojú Alfa kò sí níbẹ̀ rárá. Gbogbo rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọwọ́ náà ń ti apá òsì wọlé.

Mo wo àmì inú fáìlì. Fóònù kò kọ nǹkan kan. Ó ti méfò pé ìbú ni ọmọ yẹn gbé òun dání, bẹ́ẹ̀ mo mọ àwọn ọmọ wa, òòró ni wọ́n máa ń gbé fóònù. Nítorí náà mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe: mo gbé orí tó wà lósì bọ́ sókè. Àwòrán nàró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Alfa wá ń ti òkè bọ̀ wá sílẹ̀, bí ẹni ń kọ̀wé láti orí àjà.

Tíṣà fò dìde. "Àsítàgàfúrúlàhì! Ìyá Fídíò, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ dorí ẹ̀ kodò yìí!"

"Mo ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń gbé fóònù dání ni."

"Á jẹ́ pé ọmọ yẹn dorí fóònù kodò. Ìwé ni yóò sọ ibi tí orí wà. Ẹ yí i sódìkejì."

Ìwé ní orí, ó ní ìdí, ìyẹn ò ṣòro. Èmi náà ti fi pátákó tó wà lẹ́yìn èèyàn mọ orí fídíò láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò bá mi lára mu, torí pé ọmọ tó bá da fóònù délẹ̀ láti ya nǹkan kò sábà dorí rẹ̀ kodò mọ́ ọn. Mo gbé e mì. Mo gbé orí tó wà lápá ọ̀tún bọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ dúró dáadáa, ọwọ́ ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Mo kàn yí àmì inú fáìlì padà ni, n kò fọwọ́ kan àwòrán, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹwà rẹ̀. Tíṣà wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó wò ó lórí fóònù rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á san mí lẹ́san. Omi wà lójú rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, àárọ̀ kùtù, fóònù mi dún.

"Ìyá Fídíò, Bàbá tún ti dùbúlẹ̀."

Ó ti fi fláàṣì sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ilé Ìyá, ní Ọjà-Ọba. Tẹlifíṣọ̀n yẹn wà lára àwọn tí kì í ka àmì. Ó gbé àwòrán kalẹ̀ bó ṣe bá a. Ó yẹ kí n ti ronú kan ìyẹn kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, inú sì bí mi sí ara mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi sínú báàgì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà-Ọba.

Ẹ̀yìn ọjà ni ilé náà wà, nínú agbo-ilé tí ọ̀nà rẹ̀ tóóró débi pé báàgì mi ń ha ògiri. Ìyá jókòó sórí ẹní ní pálọ̀. Obìnrin kékeré ni, ó fi ìborùn funfun bo orí, ó sì ń gbé ojú ọ̀tún síwájú díẹ̀ nígbà tó bá ń wo èèyàn. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ìwọ lo máa ń gbé èèyàn dìde?" ó bi mí.

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí o tó gbé wọn dìde, kọ́kọ́ jẹun." Ó ti wàrà díndín sí mi nínú àwo. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ti ń dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá fún mi ní wàrà kó tó bi mí ní ìbéèrè, ọ̀rẹ́ mi ni.

Mo ṣàlàyé fún Tíṣà pé àmì nìkan kò tó fún tẹlifíṣọ̀n yìí, mo ní láti yí àwòrán fúnra rẹ̀ padà látòkè délẹ̀, kí n sì pa àmì rẹ́. Bí mo bá yí àwòrán tí mo sì fi àmì sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá fi fóònù wò ó, fóònù á ka àmì, á tún un yí, á sì tún dùbúlẹ̀. Ó ní kí n ṣe ohun tí mo mọ̀. Mo ṣe é, kọ̀ǹpútà rọra ń jó o lọ, mo jẹ wàrà tán kó tó parí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹlifíṣọ̀n máa dúdú, mo sọ fún wọn, torí pé òòró ni àwòrán yìí, n kò sì ní gé ọwọ́ Alfa torí kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n. A gbé ẹní Ìyá súnmọ́ ọn.

A tan án. Ó nàró. Wàláà dúró, ọ̀rọ̀ dúró, ọwọ́ arúgbó yẹn ti ìsàlẹ̀ gòkè, ó ti gègé bọ tàdáwà, ó sì ń kọ ọ́ lọ láti ọ̀tún sí òsì. Tíṣà ń kà á tẹ̀lé e ní ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí Alfa parí, ó gbé gègé sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti wàláà síwájú lórí awọ àgbò, wàláà rọra lọ sí òkè àwòrán. A gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ó pé?" Fídíò parí síbẹ̀.

"Àlùhámúdùlílàhì," Tíṣà ní.

Ìyá ní, "Ẹ ṣeun o. Àlùbáríkà á kún iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi." Ó wá fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ bojú.

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Mo mọ ojú ẹni tó ń sunkún nítorí inú rẹ̀ dùn, mo sì mọ ojú ẹni tó ń dúpẹ́ nítorí kò fẹ́ kó ìtìjú bá èèyàn. N kì í gba ọpẹ́ kejì yìí. Ó máa ń dùn mí ju èébú lọ.

"Ìyá, kí ló kù níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó kù."

"Ìyá, ó kù. Mo ti jẹ wàrà yín, ẹ má jẹ́ kó dà bíi gbèsè."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ibi tí ẹ gbé mi jókòó sí yẹn, kì í ṣe àyè mi. Àyè Alfa ni."

Kò yé wa. Tíṣà ní, "Ìyá, báwo?"

"Ìwọ wò ó. Ọwọ́ Alfa ń ti abẹ́ mi jáde. Èmi wá di Alfa. Ibo ni Alfa wà? N kò jókòó síbẹ̀ rí láyé mi. Iwájú wọn ni mo máa ń jókòó sí."

Ó wá sọ ọ́. Nígbà tó délé ọkọ, kò sẹ́ni tó pe ìyàwó kékeré sínú agbo àwọn ọmọ kéú. Ṣùgbọ́n ó ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ sì ti dára jù ní pálọ̀ ni òdìkejì Alfa, kí wàláà wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ń ká òwú, ó ń wo wàláà, ó ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń kà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́n kà, láti òdìkejì. Lọ́jọ́ tí Alfa fura pé ìyàwó òun ti mọ̀wé, inú rẹ̀ dùn, ó yí wàláà sí i kó lè kà á dáadáa. Ìyá kò wá mọ lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀, torí pé lórí kodò ló ti kọ́ ọ.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dùbúlẹ̀," Ìyá ní, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ yẹn wọn ò yí i sí mi mọ́. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, wọ́n á kàn tì í sọ́dọ̀ mi bó ṣe wà, kí n bá wọn wò ó bóyá wọ́n fo nǹkan kan. Ọjọ́ tí à ń wí yìí náà, ẹ̀gbẹ́ mi ni ọmọ yẹn jókòó sí tó fi ń yà á."

Tíṣà la ẹnu sílẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin, tíṣà Lárúbáwá, inú ilé yìí ni wọ́n bí i sí.

"Ìyá. Kùránì yín tó máa ń dorí kodò lórí àga rẹ̀..."

"Ìwọ lo máa ń yí i padà?"

"Mo rò pé àwọn ọmọ ló ń fi ṣeré ni!"

"Gbogbo ìgbà tí o bá ti kí mi lọ ni mo máa ń tún un yí. Mo ní kí n má dójú tì ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí mo fi di ara ògiri mú. Tíṣà pàápàá kò lè mú un mọ́ra. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì lákòókò yẹn bí ẹni pé inú agbo-ilé yẹn ni wọ́n bí èmi náà sí. Inú mi sì tún dùn fún ara mi, ẹ jẹ́ kí n má purọ́: ọmọ yẹn kò dorí fóònù kodò. Bí mo ṣe kọ́kọ́ yí i ní ṣọ́ọ̀bù ló tọ́. Wàláà ló kọjú sí ẹlòmíràn.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Ìgbà yẹn ni Tíṣà rántí ara rẹ̀. Ó jókòó dáadáa, ojú rẹ̀ tún le.

"Ṣùgbọ́n, Ìyá, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run á dorí kodò lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí àlejò bá wọlé ńkọ́?"

N kò dá sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọn kọ́ ni mo wá ṣe, ibi tí mo sì lágbára mọ ni orí àti ìdí àwòrán.

Ìyá kò gbé ohùn sókè. "Kò dorí kodò. Ó kọjú sí bàbá rẹ ni. Bí ìwọ bá jókòó síwájú mi tó ò ń ka Kùránì, ṣé mo lè sọ pé ó dorí kodò torí pé iwájú rẹ ni mo wà?"

Tíṣà ronú. Lẹ́yìn náà ó mi orí sí mi pé kí n ṣe é.

Mo padà sídìí ojúlówó inú mẹ́mọ́rì kádì, n kò yí èyí tí mo ti yí tẹ́lẹ̀, torí pé gbogbo ìgbà tí a bá tún àwòrán ṣe lórí àtúnṣe ló ń ṣú sí i, agbára ojú Ìyá kò sì tó èyí tí a lè fi ṣòfò. Mo gbé orí tó wà lósì bọ́ sókè, mo yí gbogbo àwòrán bẹ́ẹ̀, mo pa àmì rẹ́. Mo fi èyí ti Tíṣà sínú fóònù tirẹ̀, kó máa wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kà á láti ìsàlẹ̀. Mo fi èyí ti Ìyá sínú fláàṣì.

Kí n tó tan án, Ìyá tún ara rẹ̀ tò lórí ẹní. Ó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́, ó na èkejì, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bíi pé òwú wà níbẹ̀ tó fẹ́ ká.

Àwòrán dé. Orúnkún Alfa wà lókè, ó kọjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti òkè bọ̀, gègé bọ tàdáwà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní orí kodò lójú tèmi àti ti Tíṣà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò dúró de gègé. Ó ti máa ń dé ìparí ọ̀rọ̀ kí ọwọ́ Alfa tó dé ibẹ̀, á wá dúró dè é, á tún máa lọ. Kò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò sì yí ọrùn. N kò gbọ́ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tọkọtaya tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ rí, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Alfa gbé gègé sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti wàláà, wàláà rọra bọ̀ wá sísàlẹ̀, sọ́dọ̀ Ìyá.

"Ó pé?"

Ìyá ní kí n dá a dúró síbẹ̀, mo sì dá a dúró. Ó fà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó gbé ojú ọ̀tún síwájú, ó fi ìka tọ ìlà kìíní, ó tọ ìkejì, ó wò ó dé òpin, kò fi ohunkóhun sílẹ̀.

"Ó pé, Alfa," ó ní. "Ẹ lọ sinmi."